Ta Ló Sọ Pé A Kò Fẹ́ Ohun Tuntun?

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa fẹ́ràn láti máa sọ, tí wọ́n á sọ tán, tí wọ́n á sì yọ ṣùtì ètè sí i. Wọ́n á ní ìwé ìtàn ìfẹ́, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ní ẹni tó bá ti ka ọ̀kan ti ka igba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà lé àwa tí à ń kà á lórí. Wọ́n á ní àwa gan-an ni a kò fẹ́ ohun tuntun, pé bí òǹkọ̀wé bá gbé ohun tí a kò rí rí síwájú wa, ńṣe ni a óò tu ú dànù bí ìgbà tí ọmọdé bá tọ́ ewúro wò. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, irọ́ gbuu ni. Mo sì fẹ́ kí a jọ tú irọ́ náà palẹ̀ lónìí, nítorí pé ó ti ń ba ìwé jẹ́ mọ́ àwọn òǹkọ̀wé wa lọ́wọ́, ó sì ti ń sọ àwọn òǹkàwé di ẹni ẹ̀gàn.

N kì í ṣe ọ̀mọ̀wé o. Àlòkù ìwé ni mò ń tà ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, mo sì ti lé ní ogún ọdún nídìí ìsọ̀ náà. Ìwé ìtàn ìfẹ́ ló ń yá jù lọ́wọ́ mi: àwọn pẹlẹbẹ ti ilé-iṣẹ́ Mills & Boon, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1908, àti àwọn kìǹbà-kiǹba tó ń ti Amẹ́ríkà wá. Mo ń tà á, mo ń fi í yáni, mo sì ń kà á. Bí oníbàárà bá dá ìwé padà, kì í ṣàì sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ohun tí etí mi ti gbọ́ nídìí ìsọ̀ yẹn ni mo fẹ́ fi dá àwọn ọ̀mọ̀wé lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé wa bẹ̀rẹ̀ ná. Ta ló ń lọ gbọ́ ẹkún ìyàwó lágbègbè Ọ̀yọ́ tí kò mọ ibi tí yóò parí sí? Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọge náà yóò kí baba rẹ̀, yóò kí ìyá rẹ̀, yóò dárò ilé tó fẹ́ fi sílẹ̀, yóò tọrọ ìre, yóò sì lọ sílé ọkọ. Síbẹ̀, bí àwọn àgbà obìnrin bá ń darí relé, ẹ óò gbọ́ tí wọ́n ń wí pé, “Ti ọmọ lágbájá dùn wọ̀ mí lára; ti ọmọ tàmẹ̀dù kò yé mi.” Kí ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́? Òpin rẹ̀ kọ́, nítorí ọ̀kan náà ni òpin. Ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ mú wá sínú ohùn tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọmọge kan bá dá ẹkún dúró lójijì, tó ní òun kò lọ mọ́, tó sì padà sí yàrá, ó lè ní ìdí pàtàkì, a sì lè bá a kẹ́dùn. Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ẹkún ìyàwó ni òun gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé ìtàn ìfẹ́ rí. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀: àdéhùn àti àṣà. Àdéhùn ni ohun tí òǹkọ̀wé ti ṣèlérí fún òǹkàwé kí ó tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Méjì péré sì ni. Èkíní, ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ ni yóò jẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà ìtàn náà, kì í ṣe ogun, kì í ṣe olè jíjà, kì í ṣe ìṣèlú. Èkejì, bó ti wù kí ojú ọ̀run ṣú tó láàárín, ìfẹ́ wọn yóò yè, wọn yóò sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìrètí. Gbogbo ohun yòókù, àṣà ni. Olówó agbéraga tí kò rẹ́rìn-ín, ọmọ òrukàn tí kò ní alábàárò, ìgbéyàwó tí a fi tipátipá ṣe, lẹ́tà tí kò dé ọwọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí, àṣà ni gbogbo wọn. A lè pa wọ́n dà. A ti ń pa wọ́n dà láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Èmi nìkan kọ́ ló rí i bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1984, obìnrin ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Janice Radway, tẹ ìwé jáde lórí àwọn obìnrin tí ń ka ìtàn ìfẹ́ ní ìlú kan tó fi orúkọ bò, tó pè ní Simítínì. Oníbàárà ilé ìtàwé kan ni wọ́n, àwọn méjìlélógójì ló sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé ìtàn ìfẹ́. Òpin tó dára ló gba ipò kìíní. Èyí tó tẹ̀ lé e ni pé kí ìfẹ́ àwọn méjèèjì máa dàgbà díẹ̀díẹ̀ lójú òǹkàwé. Kí ọkùnrin lówó? Kí obìnrin lẹ́wà bí egbin? Ìwọ̀nyẹn kọ́ ló gbapò iwájú. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ máa ń ṣí ẹ̀yìn ìwé wò kí wọ́n tó rà á, kí ó lè dá wọn lójú pé kò ní já wọn kulẹ̀. Àwọn oníbàárà tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Dùgbẹ̀! Wọ́n á fi ìka lu ojú ìwé ìkẹyìn, wọ́n á ka ìlà mẹ́ta, wọ́n á ní, “Ó dáa, ẹ bá mi wé e.”

Àwọn ọ̀mọ̀wé á wá bú sẹ́rìn-ín: “Bí ẹ bá ti mọ òpin, kí lẹ tún ń kà á fún?” Ẹ gbọ́ mi o. Àwa kò ka ìwé láti mọ̀ bóyá wọ́n á fẹ́ ara wọn. À ń kà á láti mọ bí ó ṣe lè ṣeé ṣe. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ á mú wọn dé ibì kan, nígbà tí ìwé bá ku díẹ̀ kó parí, níbi tí ìwọ alára á ti gbà pé ó ti tán, kò sí ọ̀nà mọ́. O mọ òpin, àyà rẹ ṣì ń já. Ẹni tó bá lè já àyà ẹni tó ti mọ òpin, ṣé iṣẹ́ kékeré ló ṣe ni?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àṣà. Àṣà kò ṣàdédé wà nínú ìtàn. Òṣìṣẹ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì ní iṣẹ́ tí a gbà á fún. Kí nìdí tí ọkùnrin fi máa ń lówó? Kí ọ̀rọ̀ owó ilé àti owó oúnjẹ má baà gba ojú ìtàn, kí ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn nìkan ni yóò kù. Kí nìdí tí wọ́n fi ń fi tipátipá so àwọn méjì tó kórìíra ara wọn pọ̀? Kí wọ́n lè wà lábẹ́ òrùlé kan náà, nítorí bí wọ́n bá ní àyè, wọn ì bá ti sá fún ara wọn ní ojú ìwé kẹwàá. Lẹ́tà tó sọnù ń kọ́? Ó ń dá ìtàn dúró kó má yára parí. Nítorí náà, òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ lé òṣìṣẹ́ kan lọ lómìnira láti lé e, ṣùgbọ́n kí ó sọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún wa. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní tuntun ti ń ṣubú.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀gbẹ́ni ọ̀mọ̀wé kan tí n kò ní dárúkọ gbé ẹ̀dà méjìlá ìwé tó kọ wá sí ìsọ̀ mi. Lára ẹ̀yìn ìwé náà, ọkùnrin àti obìnrin di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé ìtàn ìfẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì kan àti awakọ̀ takisí kan ni ìtàn náà dá lé. Ẹ ò rí i pé èyí yàtọ̀! Kò sí olówó, kò sí ọkọ̀ òfuurufú, kò sí erékùṣù. Ọkùnrin náà ń ṣúnwó kí ó lè pààrọ̀ táyà, obìnrin náà ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, ọ̀rọ̀ owó náà gan-an ló sì wá di ohun tí wọ́n fi ń mọ ọkàn ara wọn. Àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn awakọ̀ yìí dọ́ba. Ìwé náà tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Mẹ́sàn-án nínú méjìlá ló padà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Nígbà tó ku ojú ìwé mẹ́ta, tírélà kan tí a kò gbúròó rẹ̀ rí ṣàdédé já wá láti ibi tí a kò mọ̀, ó sì tẹ awakọ̀ náà pa. Ó parí.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gbẹ́ni wa pé inú àwọn ènìyàn kò dùn, kò bèèrè ìdí. Ó ní òǹkàwé ìtàn ìfẹ́ dà bí ọmọ tó ń jẹ súìtì, pé òun fún wọn ní ohun tuntun, wọn kò ní eyín tí wọn ó fi jẹ ẹ́. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí pé àgbà ni wọ́n. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n fèsì.

Ọ̀gá, kí ni tuntun nínú ikú? Ikú olólùfẹ́ ti wà nínú ìtàn ṣáájú kí baba ńlá yín tó dáyé. Awakọ̀ takisí ni tuntun. Ẹ̀yin lẹ gbé e wá, àwọn tí ẹ ń pè ní ọlọ́yọ̀ súìtì ló sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n gba ẹni tí kò lówó, wọ́n gba ẹni tó ń làágùn, wọn kò bèèrè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àṣà lẹ pa dà, wọ́n sì yìn yín. Ìgbà tí ẹ da àdéhùn ni wọ́n dá ìwé yín padà. Ẹni tó kọ àmàlà sára pátákó tó wá gbé ẹ̀kọ síwájú oníbàárà, kò lè sọ pé oníbàárà náà kò mọ oúnjẹ jẹ. Ẹ̀kọ dára. Kì í ṣe òun ni a sanwó rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé mo ní kí a má kọ ìtàn ìfẹ́ tó parí sí ẹkún. Ó tì o. Lọ́dún 1970, Erich Segal kọ “Love Story,” ayé sì kà á títí omijé fi gbẹ lójú wọn. Ọmọ olówó fẹ́ ọmọ tálákà, ọmọge náà kú ní kékeré. Ṣùgbọ́n kí ni Segal ṣe? Nínú gbólóhùn kìíní gan-an ló ti sọ fún wa pé ọmọ náà ti kú. Ẹni tó bá ń kà á lọ, ó ti mọ irú ọjà tí òun ń rà. Kò sí tírélà tó lúgọ dè wá. Ìwé ìfẹ́ ni, kì í ṣe irú ìwé ìtàn ìfẹ́ tí mò ń sọ yìí, kò sì díbọ́n pé òun jẹ́ ẹ. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ní òun ń ta ẹ̀kọ àti ẹni tó fi ewé àmàlà wé e.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹni tó ṣe tuntun tó yege. Lọ́dún 1995, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Loretta Chase, tẹ ìwé kan jáde tó pè ní “Lord of Scoundrels.” Àṣà tó gbé dání ti gbó ju aṣọ àdìrẹ ìyá àgbà lọ. Nínú àwọn ìtàn tó jẹ mọ́ ayé àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ká ọmọge mọ́ ibi tí òun àti ọkùnrin ti ń fẹnu konu, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, àfi kí ọkùnrin náà gbé e níyàwó. Iṣẹ́ àṣà yìí ni pé ó ń so àwọn méjì pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe máa ń lọ ni pé ọkùnrin á fi ìkanra gbà, obìnrin á máa sunkún, wọn á ṣègbéyàwó, ìtàn á sì máa lọ.

Páríìsì, lọ́dún 1828, ni ìtàn Chase ti bẹ̀rẹ̀. Déènì ni orúkọ ọkùnrin náà, ọlọ́lá ni, ọlọ́rọ̀ ni, oníwàkiwà sì ni. Jẹ́síkà ni obìnrin náà, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tó wá gba àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ Déènì. Ẹ kíyè sí ohun tí Chase kọ́kọ́ ṣe. Kí Déènì tó hùwà ibi kankan lójú wa, ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ hàn wá: baba tó kórìíra ojú rẹ̀, ìyá tó sá tẹ̀ lé ọkùnrin mìíràn nígbà tó wà ní kékeré, ilé ìwé tí àwọn ọmọ ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, nígbà tó di àgbà tó ń ṣe bí ẹni tí kò nílò ìfẹ́ ẹnikẹ́ni, àwa ti mọ ibi tí egbò wà.

Wọ́n ká wọn mọ́ níbi àríyá kan. Gbogbo wa tí a mọ àṣà ti ń retí pé kí Déènì ní òun yóò gbé e níyàwó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ já sílẹ̀ ní kékeré kò lè gbà pé obìnrin kan fẹ́ òun lóòótọ́. Lójú rẹ̀, ńṣe ni Jẹ́síkà dẹ pàkúté fún un. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì fi í sílẹ̀ nínú ìtìjú lójú gbogbo ayé. Wàyí o, kí ni ọmọge inú ìwé máa ń ṣe níbẹ̀? Ẹkún ni, àbí àìsàn, àbí kó sá lọ sí ìgbèríko. Jẹ́síkà gbé ìbọn ìléwọ́, ó wá Déènì lọ síbi tó wà, ó sì yìn ín lápá. Kì í ṣe pé ìbọn ṣèèṣì dún o. Ó mọ ìbọn yìn, ó mọ ibi tó fojú sùn. Lẹ́yìn náà ló gba lọ́yà, ó sì fẹ́ gbé e lọ sí kóòtù pé ó ba òun lórúkọ jẹ́. Iwájú lọ́yà yẹn ni Déènì ti wá ní kí àwọn kúkú fẹ́ ara àwọn.

Kí ló dé tí òǹkàwé kò fi da ìwé yìí nù? Ọmọge tó yìnbọn lu olólùfẹ́ rẹ̀, ṣé ẹ ti rí irú rẹ̀ rí? Wọn kò dà á nù. Wọ́n fi í ṣe àyànfẹ́. Lọ́dún 1996, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún un ní ẹ̀bùn RITA, títí dòní ni wọ́n sì ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó dára jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Àkọ́kọ́, àdéhùn dúró: ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni ìtàn, wọ́n sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. Èkejì, ohun tuntun náà hù láti inú ìwà àwọn ènìyàn inú ìtàn. Egbò ọmọdé Déènì ló mú un sá. Ọgbọ́n orí àti ìgboyà Jẹ́síkà, tí a ti ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀, ló mú un yìnbọn. Kò sí tírélà kankan níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ àṣà àtijọ́ kò di òfo. Àṣà yẹn ń so wọ́n pọ̀. Ìbọn àti lọ́yà náà so wọ́n pọ̀. Ó sì tún fi èrè lé e: nígbà tí wọ́n fi máa ṣègbéyàwó, Jẹ́síkà kì í ṣe ẹni àánú mọ́. Ọgbọọgba ni wọ́n.

Ohun tuntun tó dára kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kó lọ. Ọta ìbọn yẹn kò dá apá Déènì ní ọgbẹ́ kan tó le, síbẹ̀ apá náà rọ. Àwọn dókítà wò ó títí, wọn kò rí ohun tó ṣe é. Ó wá di pé Déènì ní ọmọkùnrin kan tó bí síta, tí kò fẹ́ fojú kàn, ọmọ tí wọ́n pa tì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pa òun náà tì. Jẹ́síkà ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ wálé. Nígbà tí Déènì fúnra rẹ̀ wá lọ mú ọmọ náà, tó ń tọ́jú rẹ̀ nínú ìdọ̀tí àti àìsàn, ìgbà yẹn ló ṣàkíyèsí pé apá òun ti ń ṣiṣẹ́. Ìbọn tó dún níbẹ̀rẹ̀ kò tíì dákẹ́ títí dé ìparí. Ẹ fi wé tírélà ọ̀gbẹ́ni wa, tí kò wúlò fún ohunkóhun ju kí ìwé parí lọ.

Ìbéèrè mẹ́ta náà nìyẹn, àwọn oníbàárà mi sì ń bèèrè wọn láìmọ̀. Obìnrin aláṣọ kan dá ìwé padà fún mi, ó ní, “Ìyá ìwé, obìnrin yìí gbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wá gọ̀ ní àárín kí ìtàn lè gùn.” Kò kà dé yunifásítì, ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì gan-an ló ń bèèrè yẹn. Òmíràn ní, “Wọn ò jà, wọn ò bínú, kí ló wá ń dí wọn lọ́wọ́?” Ìbéèrè kẹta nìyẹn: òǹkọ̀wé ti lé àwọn ìdènà àtijọ́ lọ, kò sì fi nǹkan kan rọ́pò wọn.

Àwa òǹkàwé náà ń yí àṣà padà, ẹ má tàn yín jẹ. Lọ́dún 1972, Kathleen Woodiwiss tẹ “The Flame and the Flower” jáde. Nínú rẹ̀, ọkùnrin náà fipá bá ọmọge lò ní ìpàdé wọn àkọ́kọ́, ó ní òun ṣe bí aṣẹ́wó ni, ìwé náà sì tà wàràwàrà. Àwọn obìnrin Simítínì sọ fún Radway pé ìfipábánilòpọ̀ kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìwé ìtàn ìfẹ́, síbẹ̀ Woodiwiss wà lára àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n fẹ́ràn, nítorí wọ́n gba àwáwí náà. Lónìí, bí mo bá fi irú rẹ̀ lé ọmọ ogún ọdún lọ́wọ́, á dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Á bi mí pé báwo ni òun ṣe fẹ́ gbà pé ìfẹ́ lè ti ibẹ̀ hù. Àdéhùn kò yí padà. Àṣà náà ló kú, àwọn òǹkàwé tí wọ́n ní kò fẹ́ tuntun ló sì pa á.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe ojúsàájú. Ẹ̀yin òǹkàwé ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ tiyín. Àwọn kan nínú yín ti ń wá ra ìwé bí ẹni tó mú ìwé ọjà dání: “Ṣé olówó wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n fi tipá so wọ́n pọ̀? Ṣé ọ̀tá ni wọ́n tẹ́lẹ̀?” Bí mo bá ní rárá, ẹ̀yin náà á ní rárá. Àṣà lẹ wá sọ di àdéhùn yẹn, ẹ sì ti fi ọwọ́ ara yín gbé òkúta lé àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ láti sọ lù wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gbóríyìn fún ìwé nítorí pé ó yí àṣà sódì nìkan. Kí obìnrin jẹ́ ọ̀gá, kí ọkùnrin jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, èyí kò tíì di ìtàn. Bí obìnrin ọ̀gá náà bá ń jágbe, tó ń ṣe ìgbéraga bíi ti ọkùnrin àtijọ́, aṣọ la pààrọ̀, ara kò yí padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkọ̀wé wa, ẹ gbé awakọ̀ takisí wá, ẹ gbé opó tó ti bímọ mẹ́rin wá, ẹ gbé àwọn arúgbó méjì tó pàdé nídìí owó ìfẹ̀yìntì wá. A ó kà á. Kí ẹ kàn rí i pé ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ti inú wọn wá, kí ohun tó tú u sì ti inú wọn wá. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìtàn ikú lẹ fẹ́ kọ, ẹ kọ ọ́, àmọ́ kí ẹ sọ fún wa lójú ìwé kìíní bí ọkùnrin. Àwa tí à ń fi owó ọjà ra ìwé mọ tuntun yàtọ̀ sí àdéhùn tí wọ́n dà. Ẹni tó da àdéhùn, kí ó má pe ara rẹ̀ ní olùdásílẹ̀.